Ìwé àyẹ̀wò kí ìkéde tó jáde: orúkọ, ọjọ́, iye àti líńkì

Akọ̀wéÌsánlú

Òkun o, ẹ̀yin ará. Mo ń bójú tó ọ́fíìsì ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú kan ní Yàgbà. Ọmọ méjì ló ń bá mi kọ ìkéde, kọ́pà kan àti ọmọ poli kan tó wá kọ́ṣẹ́. Mo fẹ́ ṣe ìwé àyẹ̀wò kan fún wọn tí wọn yóò máa lò kí ohunkóhun tó bọ́ sórí Fésíbúùkù àti Wásáàpù wa. Kí ló yẹ kó wà níbẹ̀ nípa orúkọ, ọjọ́, iye àti líńkì? Èyí tí wọ́n kọ lónìí nìyí, mi ò tíì jẹ́ kó jáde:

> ÌKÉDE. Ìrànwọ́ owó ẹ̀kọ́ ti ọdún 2026. Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò yóò wáyé ní ọjọ́ Ẹtì, 14 oṣù Kẹta 2026, aago mẹ́wàá àárọ̀, ní gbọ̀ngàn ìlú Odo-Eri. Akẹ́kọ̀ọ́ 45 ni yóò jàǹfààní: 20 láti ilé-ìwé girama, 15 láti poli, 15 láti yunifásítì. Ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò gba ₦50,000, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦2,250,000. Ẹ gba fọ́ọ̀mù níbí: (líńkì). Ẹ kàn sí akọ̀wé lórí Wásáàpù: wa.me/080XXXXXXXX

ỌmọMopa

Òkun o, Ẹ̀gbọ́n. Ní tèmi, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa kà á sókè lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹlòmíràn sì tún kà á lẹ́yìn wọn. Kíkà sókè máa ń jẹ́ kí etí gbọ́ ohun tí ojú fò. Kí wọ́n sì tan àyẹ̀wò sípẹ́lì orí kọ̀ǹpútà. Mo ti ka èyí tí ẹ gbé wá yìí, ó mọ́ tónítóní. Ẹ lè gbé e síta.

Akápò_Ìjùmú

Kò mọ́ o, àbúrò. Ẹ ro ó pọ̀: 20, 15 àti 15 jẹ́ 50, kì í ṣe 45. Owó tí wọ́n kọ fi hàn pé 45 ni wọ́n ní lọ́kàn, torí 45 lọ́nà ₦50,000 ló ń jẹ́ ₦2,250,000 gẹ́lẹ́. A jẹ́ pé ọ̀kan nínú àwọn 15 yẹn ló yẹ kó jẹ́ 10. Ẹ sọ ti poli di 10, gbogbo rẹ̀ á bára mu. Ohun tí èmi máa kọ sínú ìwé àyẹ̀wò ni pé kí ọmọ iṣẹ́ fi ẹ̀rọ ìṣirò ro gbogbo ohun tó bá ní àpapọ̀, kó má fi ojú lásán wò ó.

ÀgbàAlátúnkà

Akápò, ojú yín ríran, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má tíì yí nǹkan kan. Ìṣirò ti sọ fún wa pé iye méjì ń jà. Kò tíì sọ fún wa èyí tó jẹ̀bi nínú wọn.

Ẹ jẹ́ ká fi owó sílẹ̀ ná, ká wo ọjọ́. Ọjọ́ 14 oṣù Kẹta 2026 bọ́ sí Àbámẹ́ta, kò bọ́ sí Ẹtì. Ọdún 2025 ni 14 oṣù Kẹta bọ́ sí Ẹtì. Ọ̀sẹ̀ 52 àti ọjọ́ kan ló wà nínú ọdún kan, ìdí nìyẹn tí déètì kan náà fi ń sún síwájú ní ọjọ́ kan lọ́dọọdún. Bí 29 oṣù Kejì bá wà láàárín, á sún ní méjì. Nígbà tí mo bá rí ìkéde tí orúkọ ọjọ́ inú rẹ̀ fi ẹyọ kan rẹ̀yìn, ohun tí mo máa ń fura sí ni pé ìkéde èṣí ni wọ́n ṣí, tí wọ́n ń pa á rẹ́ níbí, tí wọ́n ń kọ tuntun lé e lọ́hùn-ún. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, 45 àti ₦2,250,000 lè jẹ́ ti èṣí, kí àwọn 15 yẹn sì jẹ́ ti ọdún yìí.

Irú àṣìṣe yìí ni kíkà sókè kì í mú, ỌmọMopa. Gbólóhùn tó ṣẹ́kù láti èṣí kò ní àbùkù kankan lára. Sípẹ́lì rẹ̀ pé, ó sì dùn létí, torí pé òótọ́ ni nígbà tí wọ́n kọ ọ́.

Akọ̀wéÌsánlú, ẹ bá wa wá ìkéde èṣí, ìwé ìpàdé tí wọ́n ti fọwọ́ sí ìrànwọ́ ọdún yìí, àti lẹ́tà tí ẹ fi gba gbọ̀ngàn.

Akọ̀wéÌsánlú

Mo ti tẹ́ wọn sílẹ̀ níwájú mi, Ẹ̀gbọ́n. Bí ẹ ṣe wí gan-an ló rí. Kọ́pà ṣí ti èṣí nínú Wásáàpù, ó dà á kọ, ó sì ń yí i. Lọ́dún èṣí, girama 20, poli 10, yunifásítì 15, àpapọ̀ 45, owó ₦2,250,000. Ìwé ìpàdé ọdún yìí ní kí a fi márùn-ún kún ti poli. Ó wá di 50, owó sì di ₦2,500,000. Lẹ́tà gbọ̀ngàn sọ pé Àbámẹ́ta, 14 oṣù Kẹta. Ọmọ náà yí ọdún, ó yí ti poli, ó gbàgbé orúkọ ọjọ́ àti àpapọ̀ méjèèjì.

Akápò_Ìjùmú

Háà. Bí wọ́n bá ti sọ poli di 10, ìkéde náà ìbá bára mu látòkè délẹ̀, ọmọ poli márùn-ún ìbá sì pàdánù owó wọn láìsí ẹni tó mọ̀. Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa sọ ọ́ lọ.

ÀgbàAlátúnkà

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbé ìwé àyẹ̀wò yín lé nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ló máa ń kọ ọ́ báyìí pé: "Ṣé o ti yẹ ọjọ́ wò? Ṣé o ti yẹ orúkọ wò?" Ọmọ iṣẹ́ á máa fi àmì bẹ́ẹ̀ni sí i lọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, kì í sì í ṣe pé ó ń purọ́. Ó wò ó lóòótọ́. Ohun tí kò ṣe ni pé kò wò ó sí ibì kankan. Ẹ yí ìbéèrè padà sí "Ibo lo ti rí i?" kí ẹ sì fi àyè sílẹ̀ kó kọ orúkọ ìwé náà síbẹ̀: ìwé ìpàdé, ojú ewé kejì, lẹ́tà gbọ̀ngàn, akọ̀wé fúnra rẹ̀ lórí fóònù. Bí àyè yẹn bá ṣófo, ìkéde kò tíì jáde.

Bí a ṣe ń ṣe é nílé iṣẹ́ ìwé ìròyìn tí mo ti ṣiṣẹ́ rí kò le. Ẹ tẹ ìkéde jáde sórí ìwé. Kí ọmọ iṣẹ́ mú bírò, kó rọ òbìrí yí gbogbo orúkọ, gbogbo ọjọ́, gbogbo iye àti gbogbo líńkì ká, kó má tíì ronú bóyá wọ́n tọ̀nà. Nínú ìkéde yín yìí, òbìrí yẹn á lé ní mẹ́wàá dáadáa, bẹ́ẹ̀ kókó díẹ̀ lẹ̀ bá ní ó wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, kí ó mú òbìrí kọ̀ọ̀kan lọ bá ìwé tó ti wá. Tó bá bá a mu, kó fi bírò sàmì sórí méjèèjì, sórí ìkéde àti sórí ẹ̀dà ìwé ìpàdé náà. Àmì tó wà lórí ìwé ìpàdé ló máa jẹ́ kí ẹ rí ohun mìíràn tí ẹnikẹ́ni kì í wá: ohun tó wà nínú ìwé ìpàdé tí kò sí nínú ìkéde rárá. Ẹ lè rí i pé wọ́n ní kí àwọn ọmọ mú lẹ́tà ìgbaniwọlé dání, kí ìkéde sì ti gbàgbé rẹ̀.

Ní ti kíkà sókè tí ỌmọMopa wí, ó dára bí ẹ bá pín iṣẹ́ náà. Ẹni tó mú ìwé ìpàdé lọ́wọ́ ni kó máa kà, ẹni tó mú ìkéde á máa fi bírò tẹ̀ lé e. Kó ka iye ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan: méjì, kọ́mà, márùn-ún, òdo, òdo, kọ́mà, òdo, òdo, òdo. Bí ẹni tó mú ìkéde bá ni ń kà, ẹnì kejì á kàn máa dáhùn pé "bẹ́ẹ̀ ni" nítorí pé ohun tó gbọ́ sún mọ́ ohun tó ń rí.

ỌmọMopa

Ẹ ṣé, Ẹ̀gbọ́n. Ìbéèrè kan: tí ọmọ iṣẹ́ bá dá wà ní ọ́fíìsì ńkọ́? Ọ́fíìsì wa ní Mopa, ẹnì kan péré ló ń wà níbẹ̀ lọ́sàn-án.

ÀgbàAlátúnkà

Kó fi àyẹ̀wò àwọn òbìrí bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, kí ìtàn inú ìkéde má bàa máa fà á lọ. Kó ya fọ́tò ìkéde àti fọ́tò ìwé ìpàdé náà, kó fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan tí kò sí nídìí rẹ̀. Ẹni náà kò nílò láti mọ ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́, kó ṣáà fi àwọn òbìrí wéra.

TíṣàGbẹ̀dẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kan orúkọ ìlú. Odo-Eri ni ìkéde kọ. Odo-Ere náà wà, ìwọ̀-oòrùn Yàgbà ni àwọn méjèèjì wà, Odo-Ere sì ni olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ náà. Lẹ́tà ìparí kan ló yà wọ́n. Kò sí àyẹ̀wò sípẹ́lì tó máa fa ìlà pupa sábẹ́ ọ̀kan kó fi èkejì sílẹ̀. Akọ̀wéÌsánlú, èwo ni lẹ́tà gbọ̀ngàn kọ?

Níhìn-ín lọ́dọ̀ wa, orúkọ ìlú nìkan kì í tó. Ẹgbẹ́ yín ní àwọn ọmọ ní Èkó àti Ìlọrin. Bí wọ́n bá kà Egbe, ti Yàgbà ni wọ́n máa rò ni, àbí ti Èkó? Isanlu-Isin wà ní Kwara, Isanlu tiwa wà níbí. Ife-Olukotun àti Ife-Ijumu wà, ìjọba ìbílẹ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ máa kọ ìjọba ìbílẹ̀ tẹ̀ lé orúkọ ìlú nígbà gbogbo.

Kí ẹ sì fi àmì ohùn sórí gbogbo orúkọ ènìyàn. Orúkọ tí kò ní àmì kò tíì pé.

Akọ̀wéÌsánlú

Tíṣà, ọ̀rọ̀ yìí ba mí lẹ́rù díẹ̀. Lẹ́tà gbọ̀ngàn kọ Odo-Ere. Ìwé ìpàdé kọ Odo-Eri ní ojú ewé àkọ́kọ́, ó kọ Odo-Ere ní ìkejì. Èṣí, Odo-Eri ni wọ́n ṣe é lóòótọ́.

ÀgbàAlátúnkà

Nígbà tí ìwé méjì bá ta ko ara wọn, ìwé kẹta kò ní parí ìjà náà. Ẹni tó gba gbọ̀ngàn ni kí ẹ pè. Kí ẹ má bi í pé "Ṣé Odo-Ere ni?" nítorí ó rọrùn fún ènìyàn láti dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni" nígbà tó bá ń wakọ̀ tàbí tó wà lọ́jà. Ẹ bi í pé: "Ìlú wo ni, gbọ̀ngàn rẹ̀ súnmọ́ ibo?" kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́.

Tíṣà, ní ti àmì ohùn, mi ò gbà pẹ̀lú yín tán. Orúkọ ènìyàn, bí olórúkọ ṣe kọ ọ́ ni kí a kọ ọ́. Bí ó bá kọ Olorunfemi láìsí àmì lórí ìwé ìgbaniwọlé àti lórí àkáǹtì bánkì, ẹni tó ń kọ ìkéde kò ní àṣẹ láti tún un kọ, ní pàtàkì nígbà tí wọ́n bá fẹ́ fi orúkọ yẹn gba owó.

TíṣàGbẹ̀dẹ̀

Ẹ̀gbọ́n, àtòkọ àwọn tó máa gbowó, mo gbà fún yín níbẹ̀. Àmọ́ nínú ìkéde tí a fi Yorùbá kọ, mi ò rí ìdí tí gbogbo ọ̀rọ̀ á fi ní àmì, kí orúkọ olóyè sì wà ní ìhòòhò. Ẹ jẹ́ kí ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan pinnu, kí wọ́n sì kọ ìpinnu náà sórí ìwé àyẹ̀wò kí ọmọ iṣẹ́ má máa fi orí ara rẹ̀ yàn.

ÌyáÌjọ_Egbe

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo dúpẹ́ pé ẹ dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Pósítà ìsìnkú ìyá wa ni mo fẹ́ bi yín. Onítẹ̀wé ti tẹ̀ ẹ́, ó sì ti fi orúkọ àbúrò mi ọkùnrin ṣáájú tèmi nígbà tó jẹ́ pé èmi ni àkọ́bí. Orúkọ ọkọ àbúrò wa kan kò sì sí níbẹ̀ rárá. Ṣé mo lè ní kó tún un tẹ̀ láìsanwó?

ÀgbàAlátúnkà

Ẹ kú ọ̀fọ̀, Màmá. Kí Olúwa dẹ ilẹ̀ fún wọn. Ọ̀rọ̀ owó wà lọ́wọ́ ẹ̀dà tí ẹ fọwọ́ sí kó tó tẹ̀ ẹ́. Bí orúkọ bá wà létòlétò nínú ohun tí ẹ kọ fún un, tó sì jẹ́ pé òun ló yí i padà, ó yẹ kó tún un ṣe. Bí ẹ bá ti fọwọ́ sí ẹ̀dà tó fi hàn yín, ó ṣòro. Ẹ wá ìwé tí ẹ fi ọwọ́ kọ fún un kí ẹ tó lọ bá a.

Ọ̀rọ̀ Màmá kan ìwé àyẹ̀wò yìí náà. Ètò orúkọ pẹ̀lú jẹ́ ohun tí a ń yẹ̀ wò. Àtòkọ tí gbogbo orúkọ inú rẹ̀ tọ̀nà lè ní ìdíwọ́ bí àkọ́bí bá wà nísàlẹ̀, tàbí bí a bá ka orúkọ ènìyàn tán tí iye wọn kò pé. Kí ọmọ iṣẹ́ ka orí: orúkọ mélòó ló wà nínú ìwé tí wọ́n fún un, mélòó ló wà nínú èyí tó kọ?

Kọ́pàKabba

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin àgbà. Ojú-ewé Fésíbúùkù iléeṣẹ́ kan ni mo ń bójú tó níbi tí mo ti ń sìnrú ìlú ní Kabba. Mo fẹ́ béèrè nípa líńkì náà, Ẹ̀gbọ́n Akọ̀wéÌsánlú. Kí ni ìparí rẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù tí kò sí àkáǹtì ọ́fíìsì lórí rẹ̀, kí ẹ sì ka àkọlé fọ́ọ̀mù tó ṣí sókè fún wa.

Akọ̀wéÌsánlú

Ọmọ tó kọ ọ́ ní òun ti tẹ̀ ẹ́, ó ní ó ṣiṣẹ́. Mo ti ní kó tún un tẹ̀ lórí fóònù ìyàwó olùṣọ́. `/viewform` ni ìparí rẹ̀. Àkọlé tó ṣí ni "Ìrànwọ́ owó ẹ̀kọ́ 2025".

Kọ́pàKabba

Ohun tí mo ń fura sí nìyẹn. Líńkì èṣí ló bá ìkéde èṣí wá. Ó ṣiṣẹ́ lóòótọ́, fọ́ọ̀mù ti ọdún tó kọjá ló sì gbé jáde. Nítorí náà, lórí ìwé àyẹ̀wò, ẹ má kọ "Ṣé líńkì ṣí?" Ẹ kọ "Kí ni àkọlé ojú-ewé tó ṣí?" kí ọmọ iṣẹ́ da àkọlé náà kọ síbẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀. Tó bá rí 2025 bó ṣe ń kọ ọ́, á dúró.

Bí wọ́n bá ti ṣe fọ́ọ̀mù Google tuntun, kí wọ́n ṣọ́ra kí wọ́n má da líńkì kọ láti òkè ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣe é. Ìyẹn á parí sí `/edit`, ẹnu ọ̀nà ẹni tó ń tún fọ́ọ̀mù ṣe ni. Èyí tí à ń pín fún ará ìlú máa ń ní `/viewform` nínú, tàbí kó jẹ́ èyí kúkúrú tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `forms.gle`. Ìdí tí mo fi ní fóònù ẹlòmíràn ni pé fóònù ẹni tó ṣe fọ́ọ̀mù ti mọ̀ ọ́n. Ilẹ̀kùn tó wà ní títì fún ará ìlú lè ṣí fún un.

Líńkì Wásáàpù náà kò tọ̀nà. Òdo àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ kúrò, kí 234 rọ́pò rẹ̀, láìsí àmì àròpọ̀ àti láìsí àyè láàárín:

```
https://wa.me/234XXXXXXXXXX
```

Lẹ́yìn 234, nọ́ńbà mẹ́wàá ló máa ṣẹ́kù. Kí wọ́n tẹ̀ ẹ́, kí wọ́n rí i pé akọ̀wé gan-an ló dáhùn.

Akápò_Ìjùmú

Kọ́pà, o ṣeun. Mo fẹ́ fi ọ̀kan kún un nípa nọ́ńbà. Nọ́ńbà fóònù tí a kọ bí a ṣe ń kọ ọ́ nílé jẹ́ mọ́kànlá, ti àkáǹtì bánkì jẹ́ mẹ́wàá. Kíka iye wọn máa ń mú èyí tí ẹyọ kan já bọ́ nínú rẹ̀. Kì í mú èyí tí nọ́ńbà méjì gba ipò ara wọn. Fún àkáǹtì, ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú áàpù bánkì bí ẹni fẹ́ fowó ránṣẹ́, ẹ jẹ́ kó gbé orúkọ jáde, kí ẹ fi orúkọ náà wé tinú ìwé, kí ẹ sì jáde láìfi owó ránṣẹ́. Fún fóònù, ẹ pè é.

Mo tún fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí déètì inú Excel, torí ó ti da ìpàdé wa rú rí. Kọ̀ǹpútà mìíràn wà lórí ètò Amẹ́ríkà, oṣù ló ń ṣáájú ọjọ́. Ẹ tẹ 04/05/2026, ẹ ní 4 oṣù Karùn-ún lọ́kàn, ó gbà á sí 5 oṣù Kẹrin, kò sì ké. Ẹ tẹ 13/05/2026, kò lè gbà á nítorí pé kò sí oṣù kẹtàlá, á fi í sílẹ̀ bí ọ̀rọ̀ lásán. Bí ẹ ṣe máa mọ̀ nìyí: ohun tó gbà bí déètì máa sún mọ́ apá ọ̀tún àpótí, ohun tó fi sílẹ̀ bí ọ̀rọ̀ máa wà lápá òsì. Bí ẹ bá rí òpó déètì tí apá kan fì sí ọ̀tún, tí apá kan fì sí òsì, àwọn tó wà lọ́tùn-ún gan-an ni kí ẹ bẹ̀rù.

ÀgbàAlátúnkà

Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí oṣù máa wà ní orúkọ nínú ìkéde, kó má jẹ́ nọ́ńbà láàárín ìlà méjì. Kí orúkọ ọjọ́ sì máa tẹ̀ lé déètì nígbà gbogbo. Àwọn kan máa ń yọ ọ́ kí àṣìṣe má bàa sí, àmọ́ òun ló tú àṣírí ìkéde yìí fún wa. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí wọ́n má kọ "lọ́la" tàbí "ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀" láìfi déètì sí i. Ará ìlú lè rí i ní ọjọ́ kẹta lórí Wásáàpù ẹlòmíràn.

Akọ̀wéÌsánlú, ṣé fláyà wà fún ìkéde yìí?

Akọ̀wéÌsánlú

Ó wà. Ọmọ poli ti ṣe é láàárọ̀. Odo-Eri, Ẹtì, 45 ló wà lórí rẹ̀.

ÀgbàAlátúnkà

Ẹ mú fláyà bí ìkéde ọ̀tọ̀, kí ó ní òbìrí tirẹ̀. Bí ẹ bá tún ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀ ṣe, àwòrán kò ní tún ara rẹ̀ ṣe, fláyà ló sì máa ń rìn jìnnà jù nítorí pé òun ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ síra wọn láìfi ọ̀rọ̀ kún un. Bí ẹ bá sì ti ṣe àtúnṣe èyíkéyìí lẹ́yìn àyẹ̀wò, kódà kó jẹ́ ẹyọ nọ́ńbà kan, kí wọ́n tún yẹ gbólóhùn yẹn àti àpapọ̀ tó kàn án wò. Ibi tí a ti ṣe àtúnṣe ni àṣìṣe tuntun ti máa ń wọlé.

Wásáàpù gbà wá láyè ìṣẹ́jú 15 láti tún ọ̀rọ̀ tí a fi ránṣẹ́ ṣe. Èyí tí ẹnì kan ti fi ránṣẹ́ síwájú ní àkókò yẹn kò ní yí padà. Nítorí náà ẹ má jẹ́ kí wọ́n ka ìṣẹ́jú yẹn mọ́ àkókò àyẹ̀wò.

ỌmọMopa

Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò ní dára kí wọ́n má lo ti èṣí mọ́ rárá? Kí wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwé òfìfo.

TíṣàGbẹ̀dẹ̀

Wọ́n á gbàgbé nǹkan mìíràn nígbà náà. Ti èṣí máa ń ránni létí ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀.

Kọ́pàKabba

Ohun tí a ń ṣe níbi iṣẹ́ wa ni pé a tọ́jú ẹ̀dà kan tí a ti yọ gbogbo ohun tó ń yí padà kúrò nínú rẹ̀. Níbi tí déètì wà, a kọ ỌJỌ́-NÍBÍ ní lẹ́tà ńlá. Níbi tí owó wà, OWÓ-NÍBÍ. Bí ènìyàn bá gbàgbé láti kún ọ̀kan, gbogbo ènìyàn ló máa rí i. Bí ó ti wù kó rí, a ṣì ní láti wo ìwé tó ti wá.

Akọ̀wéÌsánlú

Mo fara mọ́ ti Kọ́pà yìí, lónìí ni mo máa ní kí wọ́n ṣe ẹ̀dà náà. Mo ti kọ ìwé àyẹ̀wò sí ojú ewé kan: ohun tí ìkéde sọ, ibi tí a ti rí i, ẹni tó wò ó. Lábẹ́ líńkì, mo fi àyè sílẹ̀ fún àkọlé ojú-ewé. Fláyà ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ọ̀rọ̀ àmì ohùn lórí orúkọ olóyè ṣì wà nílẹ̀, mo máa gbé e dé ìpàdé.

Ẹni tó gba gbọ̀ngàn kò tíì gbé fóònù. Ìkéde ò ní jáde títí a ó fi mọ̀ bóyá Odo-Ere ni tàbí Odo-Eri. Kọ́pàKabba, ṣé kí n ti fọ́ọ̀mù èṣí pa báyìí, àbí kí n dúró?

Kọ́pàKabba

Ẹ ti ìgbàwọlé rẹ̀ pa lónìí, Ẹ̀gbọ́n, kí ẹ sì kọ sí ibi ìfiránṣẹ́ rẹ̀ pé ti 2026 ń bọ̀. Ìkéde èṣí ṣì wà lórí fóònù àwọn èèyàn. Lẹ́yìn náà kí ẹ wo inú ìdáhùn rẹ̀ bóyá ẹnikẹ́ni ti kún un láti oṣù Kìíní ọdún yìí. Bí ẹ bá rí irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ pè é kó lè kún ti tuntun.